Lẹ́tà IRS dé o: kí ni wọ́n ń fẹ́ gan-an, ọjọ́ wo sì ni ò ṣeé sún?

Sọ́ńdè kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún gan-an, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Houston níbí ni bọ̀dá kan fà mí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Bọ̀dá Délé. Ó mú náílọ́ọ̀nù kan jáde, lẹ́tà méjì ló wà nínú ẹ̀, méjèèjì láti ọ̀dọ̀ IRS, ìyẹn àwọn tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀kan ti di jákujàku, wọ́n ti ká a lọ ká a bọ̀, ọbẹ̀ ti ta sí i lára. Èkejì ò tíì ṣí rárá, sítíkà aláwọ̀ ewé kan wà níwájú ẹ̀. Mo ní bọ̀dá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò ṣí eléyìí? Ó ní, "Àbúrò, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń tún sọ jàre, wọ́n kàn ń rán mi létí ni, mo ti fèsì ti àkọ́kọ́."

Ọ̀rọ̀ kan náà kọ́ o. Lẹ́tà tí ò ṣí yẹn ni lẹ́tà gidi, ó ti lo ju oṣù méjì lọ nínú náílọ́ọ̀nù, ó sì ku ọjọ́ méjìlélógún kí ilẹ̀kùn tì.

Èmi máa ń bá àwọn èèyàn ṣe ìwé owó orí láti oṣù Kìíní dé oṣù Kẹrin lọ́dọọdún, nǹkan tí mo sì rí ni pé àwọn èèyàn wa kì í kà lẹ́tà yìí, wọ́n máa ń wo iye owó tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ojú ìwé àkọ́kọ́ ni, àyà wọn á já, lẹ́yìn náà ẹlòmíì á sáré sanwó, ẹlòmíì á sáré pè wọ́n lórí fóònù, ẹlòmíì á gbé e jù sínú dúrọ́ọ̀. Iye owó yẹn kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ kọ́kọ́ wo igun òkè lápá ọ̀tún, nígbà míì ó lè jẹ́ igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún kan náà, nọ́ńbà kan máa wà níbẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CP tàbí LT, tàbí kí wọ́n kọ "Letter" kí nọ́ńbà tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà yẹn ló máa sọ irú lẹ́tà tó jẹ́ fún yín. Tó bá ti yé yín pé irú ẹ̀ báyìí ni, ẹ wá wo ọdún owó orí tí wọ́n ń sọ, torí ó lè jẹ́ ọdún méjì sẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà náà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i ni wọ́n fi ń kà á o, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ yọ ọ́ nínú àpótí lẹ́tà, kì í sì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ ráyè ṣí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè kan tí mo máa ń bi ara mi fún gbogbo déètì tí mo bá rí nínú lẹ́tà: tí ọjọ́ yìí bá kọjá tí mi ò ṣe nǹkan kan, kí ni mo máa pàdánù? Torí déètì ò dọ́gba. Ti Bọ̀dá Délé yìí ni mo máa fi ṣàlàyé.

Lẹ́tà ọlọ́bẹ̀ yẹn, CP2000 ni nọ́ńbà ẹ̀. Wọ́n kọ ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà 2024 sí i, ọdún owó orí 2022 ló ń sọ. Ohun tó ń jẹ́ CP2000 ni pé, gbogbo ẹni tó bá san owó fún yín lọ́dún, ibi iṣẹ́ yín, báńkì, àwọn búrókà tó ń bá yín ta ṣíà, gbogbo wọn ló ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí IRS pé iye tí a san fún lágbájá nìyí. Kọ̀ǹpútà á wá kó gbogbo ẹ̀ jọ, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé owó orí tẹ́yin fúnra yín fi sílẹ̀, tí èyí tó wà níbì kan ò bá sí níbì kejì, á kọ lẹ́tà. Ó tán. Kò sí ẹni tó fẹ̀sùn olè kàn yín, kò sì sí ẹni tó jókòó tó dá yín lẹ́jọ́. Àbá ni wọ́n ń dá: a rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ san iye báyìí sí i, kí lẹ rí sí i?

Kì í ṣe bíìlì. Ìyẹn ni mo ní kí bọ̀dá kọ́kọ́ gbọ́, torí ó ti fẹ́ yá owó. Owó tó wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn, dọ́là 3,960 pẹ̀lú èlé lórí ẹ̀, kò tíì di gbèsè lófin, owó tí wọ́n dábàá ni.

Ibo wá ni 3,960 ti wá? Ilé iṣẹ́ tí bọ̀dá ń bá ṣiṣẹ́ máa ń fún wọn ní ṣíà ara wọn bíi bónọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí ṣíà yẹn di ti bọ̀dá gan-an, iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 17,200, ibi iṣẹ́ sì ti ka 17,200 yẹn mọ́ owó oṣù rẹ̀ nínú W-2 ọdún 2022, ìyẹn ìwé tí ibi iṣẹ́ fi ń sọ iye tí wọ́n san fún èèyàn lọ́dún, wọ́n ti yọ owó orí lórí ẹ̀. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ló tà á ní 18,000. Búrókà fi fọ́ọ̀mù 1099-B ránṣẹ́ sí IRS, wọ́n kọ 18,000 sí ibi iye tó tà á, wọ́n fi ibi iye tó rà á sílẹ̀ ní òfìfo. Ẹni tó bá bọ̀dá ṣe ìwé owó orí lọ́dún yẹn (èmi kọ́ o, ẹ jọ̀ọ́) ò sì kọ títà yẹn síbì kankan. Nítorí náà kọ̀ǹpútà rí 18,000 tí ò sí nínú ìwé bọ̀dá, kò rí iye tó fi rà á, ló bá kà á pé èrè ni gbogbo ẹ̀. Ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ni bọ̀dá ń san lórí owó tó kẹ́yìn tó wọlé fún un, 18,000 lọ́nà 22 nínú ọgọ́rùn-ún, 3,960 nìyẹn.

Àmọ́ èrè tó jẹ lóòótọ́ ò ju 800 lọ, ìyẹn 18,000 tí a yọ 17,200 kúrò nínú ẹ̀. Owó orí lórí 800 jẹ́ 176. Ẹ ò rí i, 3,960 àti 176, ibi òfìfo kan ṣoṣo nínú fọ́ọ̀mù ló wà láàárín méjèèjì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sáré san iye tó wà nínú CP2000, irú nǹkan báyìí ni wọ́n ń san.

Kí wá ni lẹ́tà yẹn ní kó ṣe gan-an? Ó ń bẹ nínú lẹ́tà fúnra ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́. Fọ́ọ̀mù èsì kan wà nínú ẹ̀, ojú kékeré kékeré tí èèyàn ń mààkì ló wà lórí ẹ̀: mo gbà pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, tàbí mi ò gbà pẹ̀lú díẹ̀ tàbí gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ mààkì, ẹ sáìnì, ẹ dá a padà, kò pọn dandan kẹ́ ẹ tún ìwé owó orí ọdún yẹn ṣe. Tẹ́ ẹ ò bá gbà, ẹ mààkì ìkejì, ẹ kọ ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí èsì dé ọ̀dọ̀ wọn ni ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn déètì lẹ́tà. Ẹni tó bá ń gbé lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà máa ń ní ọgọ́ta ọjọ́.

Ó yá, ẹ bi déètì yẹn ní ìbéèrè tiwa. Tí ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje bá kọjá, kí ni bọ̀dá máa pàdánù? Ìdáhùn ẹ̀ ni pé kò pàdánù ẹ̀tọ́ ẹ̀ láti jiyàn. Wọ́n á kàn kúrò ní àbá, wọ́n á bọ́ sí ìgbésẹ̀ tó kàn ni. Déètì yẹn pàápàá ṣeé sún, ẹ lè pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ àyè sí i, wọ́n sábà máa ń fúnni ní ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èlé á ṣì máa gorí owó tó bá jẹ́ gbèsè lóòótọ́. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ fi ṣeré o, torí ibẹ̀ ló ti rọrùn jù láti yanjú ẹ̀, pẹ̀lú ìwé mẹ́ta mẹ́rin lásán.

Bọ̀dá ò fi ṣeré náà. Ó pè wọ́n, wọ́n fún un láyè di ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹjọ, ó sì fi èsì ránṣẹ́ kí ọjọ́ yẹn tó pé. Àmọ́ kí ló wà nínú èsì yẹn? Ìwé pélébé kan tó fọwọ́ kọ pé mo ti san owó orí lórí ṣíà yìí níbi iṣẹ́, ẹ wo W-2 mi. Ó parí síbẹ̀. Ẹni tó máa ka èsì yẹn á mú W-2, á rí owó oṣù kan gbàǹgbà nínú ẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé 17,200 láti inú ṣíà wà nínú owó yìí. Kò lè fojú inú rí i. Ohun tó yẹ kó fi ránṣẹ́ ni fọ́ọ̀mù 8949 àti Schedule D, àwọn ìwé tí wọ́n ti ń kọ títà ṣíà àti èrè ẹ̀, tó kọ bó ṣe yẹ, 18,000 níbi tó tà á, 17,200 níbi iye tó ná an, 800 ní ìparí, kó wá so ìwé tí búrókà máa ń ṣe lọ́tọ̀ fún ṣíà ibi iṣẹ́ mọ́ ọn, èyí tó sọ ọjọ́ tí ṣíà di tiẹ̀ àti iye tí wọ́n kà á sí lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú ìwé owó oṣù oṣù yẹn níbi tí 17,200 ti hàn kedere. Gbogbo ìwé yẹn wà nínú àkáǹtì búrókà ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì látọjọ́ yìí, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń wá.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Ó fèsì, ó rò pé ọwọ́ òun ti kúrò níbẹ̀, nígbà tí lẹ́tà míì wá dé ó ní ìránnilétí ni. Bẹ́ẹ̀, èsì ẹ̀ ni wọ́n kà tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn.

Mo já lẹ́tà kejì níbẹ̀, lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Igun òkè lápá ọ̀tún: CP3219A. Àkọlé ẹ̀: `Notice of Deficiency`. Tẹ́ ẹ bá rí gbólóhùn yẹn lórí lẹ́tà èyíkéyìí láti ọ̀dọ̀ IRS, yálà nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ CP3219A ni o, tàbí Letter 531, ẹ dìde dúró. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé a ti pinnu pé owó orí yín ò tó, iye tó kù nìyí, òfin sì ní ká tó lè sọ ọ́ di gbèsè sí yín lọ́rùn a gbọ́dọ̀ fún yín láyè láti lọ bá adájọ́. Àyè yẹn ni lẹ́tà náà ń fúnni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi sátífáìdì méèlì rán an, ìyẹn ni sítíkà aláwọ̀ ewé yẹn, torí wọ́n fẹ́ ní ẹ̀rí pé àwọn fi í ránṣẹ́.

Ìlà kan wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́, ìlà yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo lẹ́tà yẹn:

```
Last date to petition Tax Court: January 6, 2025
```

Ìyẹn ni pé ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní 2025 ni ọjọ́ tó kẹ́yìn tí bọ̀dá lè gbé ẹjọ́ lọ sí Tax Court, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí. Ẹ jẹ́ ká kà á wò. Déètì lẹ́tà náà ni ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá 2024. Òfin ní àádọ́rùn-ún ọjọ́. Oṣù Kẹwàá ku ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, oṣù Kọkànlá ọgbọ̀n, oṣù Kejìlá mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìyẹn ti di márùndínláàádọ́rùn-ún, ó ku márùn-ún, ló bá bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún oṣù Kìíní. Sọ́ńdè ni ọjọ́ yẹn, òfin sì sọ pé tó bá bọ́ sí Sátidé, Sọ́ńdè tàbí ọjọ́ ìsinmi ìjọba ní Washington, ó di ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Móńdè ọjọ́ kẹfà. Mo máa ń kà á fúnra mi kó lè dá mi lójú, àmọ́ ẹ̀yin, èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí lẹ́tà ni kẹ́ ẹ dì mú, torí òfin sọ pé ẹni tó bá gbé ẹjọ́ ẹ̀ lọ kí ọjọ́ tí IRS fúnra wọn tẹ̀ síbẹ̀ tó kọjá, ó bọ́ sí àsìkò.

Tí wọ́n bá kọ lẹ́tà náà sí ẹni tó wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, àádọ́jọ ọjọ́ ni. Àmọ́ ẹ má ṣe torí pé ẹ wà ní Ìbàdàn fún Kérésì kẹ́ ẹ wá sọ pé àádọ́jọ ni tiyín, nígbà tó jẹ́ pé àdírẹ́sì Texas ló wà lórí lẹ́tà. Déètì orí lẹ́tà, mo ti wí.

Ẹ wá bi déètì yìí náà ní ìbéèrè wa. Tó bá kọjá, kí lẹ máa pàdánù? Ẹ̀tọ́ láti bá adájọ́ jiyàn kẹ́ ẹ tó sanwó. Owó yẹn á di gbèsè lófin, wọ́n á fi bíìlì ránṣẹ́, wọ́n á sì lè bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ àtigbà á. Kò sí ẹnikẹ́ni ní IRS tó lè sún ọjọ́ yẹn, kì í ṣe pé wọn ò fẹ́, wọn ò ní agbára ẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bá lórí fóònù lè jẹ́ èèyàn dáadáa, ó lè sọ pé ẹ fi ìwé yín ránṣẹ́ a máa wò ó, òótọ́ ló sì ń sọ, wọ́n máa wò ó. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń wò ó ni ọjọ́ ń lọ, aago ò dúró.

Ibi tí lẹ́tà yìí ti ń tan èèyàn jẹ gan-an nìyẹn, mo fẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló là sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ sáìnì fọ́ọ̀mù 5564 tó wà nínú ẹ̀, ẹ dá a padà, ọ̀rọ̀ parí, wọ́n á kọ bíìlì. Tẹ́ ẹ ò bá gbà, ẹ lè fi ẹ̀rí tuntun ránṣẹ́ sí IRS. Tẹ́ ẹ ò bá gbà, ẹ lè gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Ẹni tó bá ka ìkejì á ní áà, èyí ló rọrùn, ta ló fẹ́ lọ sí kóòtù? Á di ìwé ẹ̀, á fi ránṣẹ́, á gbàgbé. Lẹ́tà náà sọ ọ́ níbẹ̀ pé fífi ìwé ránṣẹ́ ò sún ọjọ́ kóòtù, àmọ́ gbólóhùn kan péré ni, àárín ọ̀rọ̀ ló wà. Ọ̀nà kejì àti ìkẹta yẹn, ẹ lè rìn ín pọ̀. Ìkẹta nìkan ló ń dá aago dúró.

Bọ̀dá ní, "Kóòtù kẹ̀? Ṣé mo jí nǹkan ni?" Ọ̀rọ̀ kóòtù ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn wa jù, ẹni tí ò ní ẹ̀sùn kankan lọ́rùn á máa ronú ọlọ́pàá. Tax Court ò ní ọlọ́pàá, kì í rán èèyàn lẹ́wọ̀n, ẹ̀yin lẹ̀ ń pẹjọ́ níbẹ̀, IRS ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Dọ́là 60 ni owó ìwé, ẹni tí ò bá ní i lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ gba lọ́yà. Tí owó tẹ́ ẹ ń jiyàn lé lórí fún ọdún kan ò bá ju dọ́là 50,000 lọ, ẹ lè mú ọ̀nà ẹjọ́ kékeré, ìlànà ẹ̀ rọrùn, àmọ́ ohun tí adájọ́ bá sọ níbẹ̀, abẹ gé e, kò sí kóòtù tó ga jù tẹ́ ẹ lè tún gbé e lọ.

A ò tiẹ̀ lọ sí pósítì. Alẹ́ Wẹ́sìdeè ọ̀sẹ̀ yẹn ni bọ̀dá jókòó sídìí lápútọ́ọ̀pù ẹ̀, ó lọ sí ìkànnì kóòtù yẹn, `dawson.ustaxcourt.gov`, ó forúkọ sílẹ̀, èmi kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni, mi ò lè dúró fún un ní kóòtù, mi ò ní àṣẹ bẹ́ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́. Ibi tí wọ́n ti ní kó sọ ohun tí IRS ṣì, gbólóhùn mẹ́rin péré ló kọ: wọ́n ka 18,000 sí èrè, iye tí ṣíà yẹn jẹ́ nígbà tó di tèmi ni 17,200, 17,200 yẹn ti wà nínú W-2 mi, èrè mi jẹ́ 800. Ó mú ẹjọ́ kékeré, ó mú Houston gẹ́gẹ́ bí ìlú tó fẹ́ kí ìgbẹ́jọ́ ti wáyé tó bá dé bẹ̀, ó so kópì lẹ́tà mọ́ ọn lẹ́yìn tó ti bo nọ́ńbà ìdánimọ̀ SSN ẹ̀, fọ́ọ̀mù mìíràn wà tí nọ́ńbà yẹn ń lọ sí lọ́tọ̀ tí aráyé ò ní rí. Ó san 60. Ó parí kó tó di aago mẹ́wàá alẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ìwé lè fi ránṣẹ́ láti pósítì, àmọ́ kó fi sátífáìdì méèlì rán an, kó sì gba rìsíìtì tí pósítì tẹ̀ déètì sí, torí déètì pósítì yẹn ni kóòtù máa fi kà á pé ó bọ́ sí àsìkò tí ìwé náà bá pẹ́ lọ́nà. Ẹni tó bá sì ń lo ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, aago ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lò, ó fi wákàtí kan ṣáájú Houston, nítorí náà aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá alẹ́ tiwa, ọjọ́ ti kọjá lọ́dọ̀ wọn.

Àwọn tí ò rówó gba ẹnì kankan, àwọn kílíńíìkì kan wà káàkiri Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní LITC, wọ́n ń bá ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò pọ̀ jiyàn pẹ̀lú IRS lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́, wọ́n sì máa ń fi ìwé nípa wọn sínú irú lẹ́tà yìí. Ìwé yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń jù nù pẹ̀lú àpò lẹ́tà.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní, báwo la ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe àwọn yàhúù ló kọ lẹ́tà? Ìbéèrè tó dáa ni. Ẹ má pe nọ́ńbà orí lẹ́tà tó bá ń ṣe yín ní kàyéfì, ẹ lọ sí `irs.gov` fúnra yín, ẹ ṣí àkáǹtì yín níbẹ̀, ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sí yín máa ń hàn níbẹ̀. Lẹ́tà IRS ò ní sọ pé kẹ́ ẹ ra gífìtì káàdì, kò sì ní sọ pé kẹ́ ẹ kọ ṣẹ́ẹ̀kì sí orúkọ ẹnì kan, `United States Treasury` ni wọ́n ń kọ sórí ẹ̀.

Àti ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì, torí ibẹ̀ ló ti ń pa àwọn tó ń kó ilé kiri. Òfin ò ní kí IRS rí i dájú pé lẹ́tà náà dé ọwọ́ yín, ó ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì yín tó kẹ́yìn tí wọ́n mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kó kúrò tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn, tàbí kí ọkùnrin pósítì fi ìwé pélébé sẹ́nu ọ̀nà pé ẹ wá gba sátífáìdì méèlì tẹ́ ẹ ò lọ, lẹ́tà á padà síbi tó ti wá, àádọ́rùn-ún ọjọ́ á sì máa kà lọ bó ṣe ń kà. Fọ́ọ̀mù 8822 ni wọ́n fi ń pààrọ̀ àdírẹ́sì. Sísọ fún pósítì nìkan kì í fìgbà gbogbo tó.

Tí ọjọ́ bá ti kọjá ńkọ́? Ẹ lè bẹ IRS pé kí wọ́n tún un wò pẹ̀lú ẹ̀rí tẹ́ ẹ ní, tàbí kẹ́ ẹ san gbogbo ẹ̀ tán kẹ́ ẹ wá bèèrè owó yín padà. Ọ̀nà méjèèjì wà, méjèèjì ló gùn, àti pé ní ti àkọ́kọ́ yẹn, bẹ̀bẹ̀ lẹ ń bẹ̀, kì í ṣe ẹ̀tọ́ yín mọ́.

Ti Bọ̀dá Délé ò dé iwájú adájọ́. Lẹ́yìn tó pẹjọ́, wọ́n gbé fáìlì ẹ̀ lọ sí ẹ̀ka IRS tó ń yanjú ọ̀rọ̀ kó tó di ìgbẹ́jọ́, ẹnì kan níbẹ̀ pè é, ó ní kó fi 8949 àti ìwé búrókà ránṣẹ́. Ìwé kan náà tó yẹ kó ti fi ránṣẹ́ ní oṣù Keje. Wọ́n gbà pé 176 ni, àwọn méjèèjì buwọ́ lu ìwé àdéhùn, adájọ́ fọwọ́ sí i, ó parí.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó tún gbé lẹ́tà kan wá bá mi ní pákín ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ó ti ṣí èyí, mo kí i kú iṣẹ́. Ó ní "Àbúrò, wọ́n tún ti dé o, déètì tún wà níbẹ̀." Mo gbà á, mo wo igun ẹ̀: bíìlì ni, 176 pẹ̀lú èlé ẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n fún un. Mo ní bọ̀dá, ẹ bi í léèrè. Ó ronú díẹ̀, ó ní "Tí ọjọ́ yìí bá kọjá, kí ni mo máa pàdánù?" Èlé díẹ̀ sí i àti owó ìtanràn fún pípẹ́, ẹ̀tọ́ kankan ò sí níbẹ̀ mọ́ tó fẹ́ lọ. Ó yọ fóònù ẹ̀ nínú agbádá, ó san án níbẹ̀ kí ìyàwó ẹ̀ tó jáde.